Ẹ̀sùn omi tó ń ya wọ àgbàlá Ìyá Aláró

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ wolé-wolé kí n tó fẹ̀yìn tì. Nínú gbogbo ẹ̀sùn tí àwọn ará ìlú máa ń gbé wá bá wa lásìkò òjò, ti àgbàrá ló pọ̀ jù, òun náà ló sì máa ń kú sínú fáìlì jù. Èyí tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ní àdúgbò tí èmi fúnra mi ń gbé ní Abẹ́òkúta. Mi ò ní dárúkọ àdúgbò náà, mi ò sì ní dárúkọ onílé tí ẹ̀sùn kàn, nítorí a ṣì jọ ń kí ara wa láràárọ̀.

Opó ni Ìyá Aláró. Àdìrẹ ló ń ṣe nínú àgbàlá tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ibẹ̀ náà ló ti tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà. Ilé náà wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ẹni tó bá mọ Abẹ́òkúta á mọ irú ibẹ̀ dáadáa: òkúta kò jìn sílẹ̀, nígbà míì ẹ ò ní tíì gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì tí ọkọ́ á fi kan àpáta. Omi òjò kì í ráyè rì. Ojú ilẹ̀ ló ń gbà, ó sì máa ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Àmọ́ gọ́tà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì àdúgbò wa tó ti ń kó omi yẹn lọ sí odò kékeré tó wà nísàlẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Àgbàlá Ìyá kò kún rí.

Ní oṣù Karùn-ún, òjò kan rọ̀ mọ́jú ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí Ìyá ṣílẹ̀kùn, omi ti dé orókùn ní igun ìsàlẹ̀ àgbàlá, ó pọ́n bí ọtí bàbà, ó sì kún fún ọ̀rá píọ̀-wọ́tà. Adìrẹ ẹlẹ́kọ ló ní lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà lè má mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ kọ sára aṣọ funfun, kí aró má bàa mu ojú ibẹ̀. Ẹ̀kọ yẹn gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kí aṣọ tó wọ ìkòkò aró. Bí omi bá kàn án ṣáájú, ó yọ́ nìyẹn, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì sì di aṣọ ìdọ̀tí. Aṣọ mẹ́rìnlá ló bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn, omi ẹrẹ̀ sì wọ ìkòkò aró méjì. Títí di ọ̀sán ni omi náà kò lọ.

Lẹ́ẹ̀mẹta ni omi tún ya wọlé kó tó di ìparí oṣù Kẹfà.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Èkó ló kọ ìwé ẹ̀sùn àkọ́kọ́. Mo ti rí ẹ̀dà rẹ̀. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ ìyá rẹ̀, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ó ní aládùúgbò òkè ń fi omi pa ìyá òun lára, ó ní owó ló ń gun ọkùnrin náà, ó ní ó ń fojú opó wo ìyá òun, ó sì bẹ ìjọba kí wọ́n gba ìyá òun sílẹ̀. Ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì ńlá kan ní ìpínlẹ̀, nítorí ó rò pé bí ẹ̀sùn bá ṣe ga tó ni yóò ṣe yára tó. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ìwé náà fi ń ti orí tábìlì kan bọ́ sí òmíràn. Níkẹyìn, ẹnì kan kọ ọ̀rọ̀ kan sí etí rẹ̀ pé kí ìjọba ìbílẹ̀ bójú tó o. Nígbà tó dé ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tẹ Ìyá láago ó sì bi í léèrè pé: gọ́tà wo ni? Ibo ni omi náà ti ń wọlé? Kí ni onílé yẹn ṣe gan-an? Ìyá kò lè dáhùn ju pé omi ń wá láti òkè. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kú sí.

Ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù Keje ló wá bá mi.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ ti ṣe wolé-wolé rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Bí òjò bá ti ṣú báyìí, àyà mi á máa já."

Mo ní, "Ìyá, ẹ má sunkún mọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi omi léèrè ibi tó ti ń bọ̀."

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka ìwé yìí mú dání nìyẹn. Òṣìṣẹ́ ìjọba kò lè fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́ nítorí ìwà ọmọlúàbí tí ẹnì kan kò ní. Ohun tí wọ́n lè ní kí èèyàn tú ni ohun tó wà lójú ilẹ̀: kọnkéré, ihò ara fẹ́ǹsì, ẹnu páìpù, òkìtì iyanrìn. Bí ẹ kò bá lè nawọ́ sí nǹkan yẹn, ẹ kò tíì ní ẹ̀sùn.

Ìsàlẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òkè. Ọ̀pọ̀ èèyàn á lọ dúró síwájú géètì ẹni tí wọ́n ń bínú sí, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀bi níbẹ̀. Èmi dúró sí igun tí omi ti jìn jù nínú àgbàlá Ìyá, mo sì ń tọ ipa ẹrẹ̀ padà sẹ́yìn. Ẹrẹ̀ kì í parọ́. Ibi tí iyanrìn bá ti rí wínníwínní ni omi ti dúró. Ibi tó bá ti rí gbàràgbàrà, tí ilẹ̀ sì ti jẹ, ni omi ti sáré kọjá. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo rí.

Ti àkọ́kọ́ wọlé lábẹ́ fẹ́ǹsì, ní ibi tí búlọ́ọ̀kù méjì ti ṣí nídìí. Mo tọ̀ ọ́ jáde sí títì, ó sì mú mi dé ẹnu géètì onílé òkè. Ní ọdún tó ṣáájú, ó da kọnkéré lé orí gọ́tà kí mọ́tò rẹ̀ lè máa gorí rẹ̀ wọlé. Kò sí ohun tó burú nínú kí onílé ṣe afárá sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ohun tó burú ni ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo mú téèpù. Gọ́tà náà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 45, ó jìn ní 60. Lábẹ́ kọnkéré, páìpù oníke kan ṣoṣo ló fi síbẹ̀ kí omi máa gbà, ẹnu rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, ìyẹn íǹṣì mẹ́fà. Ẹ wò ó báyìí: ìlọ́po 45 àti 60 jẹ́ 2,700. Ẹnu páìpù yẹn kò tó 180. Ọ̀nà tí ó ń gba omi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó sọ di ọ̀nà tí ó ń gba ẹyọ kan. Iyanrìn sì ti dí ìdajì páìpù ọ̀hún, ẹ̀ka igi kan ti há sẹ́nu rẹ̀, ọ̀rá píọ̀-wọ́tà sì ti rọ̀gbà yí ẹ̀ka náà ká. Lókè kọnkéré, gọ́tà ti kún dé etí. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ó mọ́ tónítóní, ó gbẹ. Ìyàtọ̀ yẹn ni ẹ̀rí tó dájú jù: bí gọ́tà bá kún ní apá kan tí apá kejì sì gbẹ, ohun tó wà láàárín méjèèjì ni kí ẹ wá.

Ọ̀nà kejì gba inú fẹ́ǹsì tó wà láàárín ilé méjèèjì. Onílé òkè ti tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì kárí àgbàlá rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ó dagun sí ọ̀dọ̀ Ìyá. Ó lu ihò méjì sídìí fẹ́ǹsì kí omi má bàa dúró lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ ìdajì òrùlé rẹ̀ náà ń dà sórí íńtálọ́ọ̀kì yẹn. Mo fẹsẹ̀ wọn ohun tí mo lè rí láti ìta: ìdajì òrùlé tó kọjú sí Ìyá tó mítà 90 níbùú lóròó, íńtálọ́ọ̀kì tó dagun sí i tó 160. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 250. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí òjò bá rọ̀ tó mìlímítà kan sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan tó sì gùn ní mítà kan, omi lítà kan ni. Nítorí náà, òjò mìlímítà 50, tí kì í ṣe àjèjì ní oṣù Kẹfà, á kó lítà 12,500 jọ níbẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù aláàádọ́ta gálọ́ọ̀nù máa ń gba nǹkan bí lítà 200, èyí tó túmọ̀ sí pé ó lé ní ọgọ́ta dúrọ́ọ̀mù. Bí díẹ̀ bá tilẹ̀ gba àárín íńtálọ́ọ̀kì rì, ìyókù ń bọ̀ lọ́dọ̀ Ìyá láti inú ihò méjì tí apá ọmọdé lè wọ̀.

Ọ̀nà kẹta ni kò dùn mọ́ Ìyá nínú láti gbọ́. Omi kan ń wá láti orí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé méjèèjì. Ó ti ń wá kí ẹnikẹ́ni tó kọ́lé síbẹ̀. Mo sọ fún un pé a ò ní fi ìyẹn sínú ẹ̀sùn.

"Kí ló dé, Bàbá? Omi náà ni."

"Omi náà ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rán an. Ilẹ̀ tó bá wà nísàlẹ̀ ló ń gba omi tó ń ṣàn wá fúnra rẹ̀ láti òkè. Ohun tí òfin ń bi èèyàn léèrè ni èyí tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ, tó darí, tàbí tó dí lọ́nà, títí ó fi di ìpalára fún ẹlòmíràn. Bí a bá da méjèèjì pọ̀, yóò sọ pé àpáta ni, wọ́n á sì gbà á gbọ́."

Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ lórí ìdajì ọ̀rọ̀ á tọrọ gbogbo rẹ̀, á sì pàdánù gbogbo rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi kó ẹ̀rí jọ, kò sì ná wa lówó. A gbé agolo kan sí gbangba àgbàlá, irú èyí tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ dọ́gba, níbi tí òrùlé tàbí igi kò ti ní bò ó. Lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan, Ìyá á ki rúlà bọ̀ ọ́, á sì kọ iye mìlímítà sínú ìwé ọmọ-ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò. Ó á fa ìlà ṣọ́ọ̀kì sára ògiri níbi tí omi ga dé. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń ya fídíò, mo sì kọ́ ọ bí yóò ṣe yà á: kó bẹ̀rẹ̀ láti orí kọnkéré níbi tí omi ti ń jáde kúrò nínú gọ́tà, kó máa rìn tẹ̀lé omi náà láìdáwọ́ dúró títí yóò fi wọ àgbàlá. Fídíò tó bá kàn fi àgbàlá tó kún hàn kò sọ ibi tí omi ti wá. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, òjò mẹ́rin wà nínú ìwé náà. Èyí tó kéré jù, mìlímítà 18, kò mú omi wọlé. Èyí tó jẹ́ 31 mú un dé ọrùn ẹsẹ̀. Èyí tó jẹ́ 47 mú un dé agbede-méjì ojúgun. Èyí tó jẹ́ 52 tún dé orókùn.

Ìjọba ìbílẹ̀ la kọ ìwé kejì sí. Òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, ka gọ́tà àti títì àdúgbò mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, àwọn wolé-wolé tó ń rí sí ìpalára àyíká sì wà lábẹ́ wọn. Bó bá jẹ́ pé títì ńlá ìpínlẹ̀ ni gọ́tà náà wà, tàbí pé onílé kọ́ ilé lé ojú odò, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀, ilé-iṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí àyíká tàbí ètò ìlú ni à bá kọ́kọ́ lọ. Alága la kọ orúkọ rẹ̀ sókè, a sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí olórí ẹ̀ka ìlera àyíká bójú tó o, kí ìwé má bàa sùn sí ọ́fíìsì alága.

Ojú ewé kan péré ni ìwé náà. Bí mo bá sọ ọ́ ní Yorùbá, ohun tó wà níbẹ̀ kò ju èyí lọ:

"Èmi ni mo ń gbé ilé tó wà ní àdírẹ́sì òkè yìí. Láti oṣù Karùn-ún ni omi ti ń ya wọ àgbàlá mi nígbàkigbà tí òjò bá ti pọ̀. Ohun méjì ló ń fà á. Èkíní, kọnkéré tó wà lórí gọ́tà títì níwájú ilé tó tẹ̀ lé tèmi lókè, tí páìpù íǹṣì mẹ́fà wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí gọ́tà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 45, tó sì jìn ní 60. Èkejì, ihò méjì ní ìdí fẹ́ǹsì tí omi òrùlé àti íńtálọ́ọ̀kì ilé náà ń gbà dà sí ọ̀dọ̀ mi. Mo bẹ̀ yín kí ẹ wá wò ó, kí ẹ sì ní kí wọ́n ṣí gọ́tà náà, kí wọ́n sì dí ihò méjèèjì. Fọ́tò mẹ́fà, àwòrán ọ̀nà tí omi ń gbà, àti àkọsílẹ̀ òjò mẹ́rin wà pẹ̀lú ìwé yìí."

Kò sí ọ̀rọ̀ owó níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ opó. Ó dun Ìyá pé a yọ ti opó kúrò. Mo ní kó jẹ́ kí kọnkéré sọ̀rọ̀. Ẹ̀dà méjì la gbé lọ. Wọ́n gba ọ̀kan, wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí èkejì pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó gbà á, Ìyá sì mú un padà sílé. Ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn ni ẹ̀rí pé wọ́n ti gbọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ó padà lọ béèrè nọ́ḿbà fáìlì àti orúkọ òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbé e fún. Lẹ́yìn ìyẹn, kò tún béèrè pé "ọ̀rọ̀ mi dé ibo". Fáìlì báyìí lọ́wọ́ lágbájá ló ń béèrè.

Wọ́n wá ní oṣù Kẹjọ. Gbogbo wa la mọ oṣù Kẹjọ: òjò á dáwọ́ dúró, oòrùn á ràn fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, ilẹ̀ á gbẹ. Òṣìṣẹ́ méjì ló dé, ọ̀kan nínú wọn sì ń wo àgbàlá tó gbẹ gbáú. Onílé òkè jáde sí wọn. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, "Bàbá, ẹ kú ilé," ó sì yíjú sí wọn pé:

"Ṣé ẹ rí omi kankan níbí? Ìyá, ẹ má bínú o, òkè ni ilé mi wà, ìsàlẹ̀ ni tiyín wà. Ṣé kí n wá ní kí omi máa gun òkè ni?"

Mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ń bọ̀. Mo ní kí Ìyá gbé aró wá. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, bí a bá fẹ́ mọ ibi tí omi ń gbà, a máa ń da omi aláwọ̀ sí òkè, a ó sì lọ dúró sí ìsàlẹ̀. Ìkòkò aró wà nílé Ìyá, kò sí ìdí láti lọ wá òmíràn. Omi tí wọ́n fi ṣan aṣọ la mú, kì í ṣe aró tó ní sódà nínú, nítorí sódà ń jó ara, ó sì ń ba omi jẹ́. Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò pọn omi garawa ogún, wọ́n dà á léra wọn kíákíá sínú gọ́tà lókè kọnkéré, a sì da garawa aláró méjì tẹ̀ lé e. Omi náà dé ẹnu páìpù, ó yí po, ó ga sókè, ó sì jáde kúrò nínú gọ́tà. Ó gba ẹsẹ̀ fẹ́ǹsì onílé òkè. Òṣìṣẹ́ obìnrin náà ń rìn tẹ̀lé e, tìwé tìwé lọ́wọ́. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí omi búlúù fi yọ lábẹ́ búlọ́ọ̀kù méjì ìdí fẹ́ǹsì Ìyá. Ní ìsàlẹ̀ kọnkéré, nínú gọ́tà gan-an, ohun tó ń jáde lẹ́nu páìpù kò ju okùn omi tẹ́ẹ́rẹ́ lọ.

Onílé òkè kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ bi Ìyá náà léèrè ibi tó ń da aró rẹ̀ sí lójoojúmọ́."

Òótọ́ ló sọ. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni Ìyá ti ń da omi aró tó ti kú, tòun ti sódà, sínú gọ́tà títì. Ẹni tó bá máa pe wolé-wolé, kó mọ̀ pé wọ́n á wo ilé tirẹ̀ náà. Èmi ni mo yẹ kí n ti rí i ṣáájú, mi ò rí i, ó sì dùn mí gan-an lọ́jọ́ yẹn. Ìwé ìkìlọ̀ méjì ni òṣìṣẹ́ obìnrin náà kọ: ọ̀kan fún onílé òkè pé kó tú kọnkéré, kó kó iyanrìn inú gọ́tà, kó sì dí ihò méjèèjì láàárín ọjọ́ 14; ọ̀kan fún Ìyá pé kó dẹ́kun dída aró sí gọ́tà láàárín ọjọ́ kan náà. Ìyá bínú sí mi fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìwé ìkìlọ̀ kì í ṣe ìdájọ́. Bí ẹni tí wọ́n fún kò bá ṣe é, àwọn wolé-wolé lè gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù májísíréètì, níbi tí wọ́n ti lè bu owó ìtanràn lé e, kí wọ́n sì pàṣẹ pé kó tún un ṣe. Àmọ́ àwọn wolé-wolé fúnra wọn kò lè ní kó san owó aṣọ mẹ́rìnlá tó bàjẹ́. Ìyẹn, ẹjọ́ ọ̀tọ̀ ni, Ìyá fúnra rẹ̀ ni yóò pè é tàbí kí àwọn méjèèjì yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Ó pẹ́ kó tó gbà.

Ọjọ́ 14 pé, onílé òkè kò ṣe nǹkan kan. Ó ní òun ń wá bírikìlà. Òjò oṣù Kẹsàn-án ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Nígbà tí wọ́n mú ìwé kejì wá, tí wọ́n sì dárúkọ kọ́ọ̀tù nínú rẹ̀, ó lọ bá Olórítún kó bá òun bẹ̀ Ìyá. Olórítún pe gbogbo wa jókòó. Mo mọ àwọn tó máa ń sọ pé ẹni tó bá ti lọ sọ́dọ̀ ìjọba kò yẹ kó tún jókòó níwájú Olórítún. Èrò tèmi kọ́ nìyẹn. Ibẹ̀ la ti lè sọ̀rọ̀ aṣọ mẹ́rìnlá láìpe ẹjọ́ ọ̀tọ̀. Onílé òkè gbà láti ra aṣọ funfun mẹ́rìnlá padà fún Ìyá. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó bá omi lọ, kò sí ẹni tó san án. Olórítún tún fẹ́ kí Ìyá lọ fa fáìlì yà lọ́jọ́ yẹn gan-an, láti fi hàn pé ìjà ti parí. Níbẹ̀ ni mo ti dá sí i.

Mo ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí. Ẹ jẹ́ kí fáìlì wà títí wọn yóò fi tún wá wo iṣẹ́. Bí wọ́n bá ti rí i pé ó tán, àwọn ni yóò pa á dé."

Àdéhùn ẹnu máa ń rọ̀ bí òjò bá ti dá. Fáìlì tó ṣì ṣí kì í jẹ́ kó rọ̀. Olórítún rò ó, ó sì ní bẹ́ẹ̀ ni kó rí. A kọ àdéhùn náà sílẹ̀, gbogbo wa fọwọ́ sí i, ẹ̀dà kan sì lọ sínú fáìlì.

Iṣẹ́ náà gba ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n fi òòlù ńlá fọ́ kọnkéré, wọ́n sì kó báárò iyanrìn mọ́kànlá jáde nínú gọ́tà lókè rẹ̀. Dípò kọnkéré, wẹ́dà jó irin nípọnnípọn pọ̀ bí àgánrándì, mọ́tò lè gorí rẹ̀, èèyàn méjì sì lè gbé e kúrò láti kó ìdọ̀tí. Ìyẹn ni mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọ̀nà mọ́tò sórí gọ́tà: má fi nǹkan kan sí inú gọ́tà, orí rẹ̀ ni kó o ti gbà kọjá. Wọ́n dí ihò fẹ́ǹsì méjèèjì. Wọ́n fi ọ̀pá gba ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ òrùlé, wọ́n sì darí rẹ̀ sínú gọ́tà títì pẹ̀lú omi íńtálọ́ọ̀kì. Mo ní kí wọ́n ṣe ìyẹn kí wọ́n tó dí ihò, nítorí bí wọ́n bá kọ́kọ́ dí ihò, omi á kó jọ sẹ́yìn fẹ́ǹsì, ó sì lè ti fẹ́ǹsì wó lu ẹni tó wà nísàlẹ̀. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un.

Ní ti Ìyá, ṣọ́kàwéè ló yẹ kó gbẹ́ fún omi aró, àmọ́ ibi méjì tí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ kan òkúta. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ní igun tó jìnnà sí kànga, jìn tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Ibẹ̀ ló ń lọ báyìí. Ní ti omi àpáta, a la ojú àgbàrá kékeré kan gba ẹ̀yìn àgbàlá rẹ̀, a fi búlọ́ọ̀kù tò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ń gbé omi náà yí ilé ká jáde sí gọ́tà nísàlẹ̀. Owó ara rẹ̀ ló fi ṣe é.

Òṣìṣẹ́ obìnrin náà padà wá ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá. Ó wo gọ́tà, ó fi téèpù wọn abẹ́ irin, ó wo ṣọ́kàwéè Ìyá, ó sì kọ ọ́ sínú fáìlì pé ìpalára náà ti kúrò. Ọjọ́ kẹta ni òjò ńlá rọ̀. Agolo Ìyá ka mìlímítà 58, ó ju ti orókùn lọ. Omi wọ igun ìsàlẹ̀ àgbàlá láti ẹ̀yìn, ó dé ọrùn ẹsẹ̀, kò sì tó ìdajì wákàtí tó fi lọ. Ìyá fa ìlà ṣọ́ọ̀kì tuntun sára ògiri, ó wà nísàlẹ̀ pátápátá sí ti oṣù Karùn-ún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí iyanrìn àti símẹ́ńtì tí wọ́n kó jọ sẹ́nu géètì ilé kẹta sí ìsàlẹ̀. Páìpù íǹṣì mẹ́fà méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo padà sílé lọ mú téèpù, mo sì kan ilẹ̀kùn wọn.